Àgbà tó ní ilé, ọmọ àti fóònù, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀

Bí ọdún bá ti kọjá, ìbáà ṣe Iléyá tàbí Kérésìmesì, kì í pẹ́ tí ọ̀nà Ìkìrun sí Òṣogbo fi ń kún fún ọkọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó ń padà síbi iṣẹ́ wọn. Èyí tó ń lọ sí Ìbàdàn ń lọ, èyí tó ń lọ sí Àbújá ń lọ, àwọn ará Èkó sì ti fẹ́ dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Èkó-Èǹdé, Inísà àti Òkukù, ilé tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun nítorí ọdún á tún di ilé tí ènìyàn kan ṣoṣo ń gbé. Ẹni náà sì máa ń jẹ́ ìyá tàbí bàbá tó ti lé ní 70 ọdún. Oúnjẹ wà nílé, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, fóònù wà lórí tábìlì. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò jókòó ti àgbàlagbà náà títí tí ọdún mìíràn yóò fi dé.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn lórí èyí. Kí ènìyàn máa dá gbé, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn náà. Bàbá kan lè máa dá gbé nínú yàrá kan ní abúlé, ṣùgbọ́n tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ta ayò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ìyá kan sì lè wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ékòó, nínú ilé tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé, kí gbogbo wọn ti jáde ní aago márùn-ún ìdájí, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí olè, kí wọ́n má sì padà dé títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìyá yìí kò dá gbé o, ṣùgbọ́n òun ni ìdánìkanwà ń pa.

Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, pé ilẹ̀ Yorùbá tí a ti ń bí ọmọ púpọ̀ kò lè ní irú rẹ̀. Ìwádìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àwọn tó ti pé 65 ọdún sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá, Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Ó lé ní 2,000 àgbàlagbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, wọ́n sì tún padà lọ bá wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀ láti mọ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le ti wá mú láàárín ìgbà náà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2011 fi hàn pé ó ń mú àwọn obìnrin ju àwọn ọkùnrin lọ. Láàárín àwọn obìnrin ọ̀hún, àwọn tó ń gbé ní ìgbèríko àti àwọn tí kò ní ènìyàn púpọ̀ láyìíká ló tún ń mú jù. Ohun tó sì yẹ kó ya àwọn ọmọ tó ń fi owó oògùn ránṣẹ́ lẹ́nu ni pé àìsàn ara tí àgbàlagbà ní nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló sọ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì yóò wá mú.

Lọ́dún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn tirẹ̀ jáde pé ènìyàn kan nínú mẹ́fà láyé ni ìdánìkanwà ń bá fínra, àti pé ikú tó lé ní 870,000 lọ́dọọdún ló ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ṣíṣarán wà lára ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí a lè fi "ẹ máa gbàdúrà, màmá" yanjú.

Agbègbè Ìkìrun, Inísà àti Òkukù kì í ṣe ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìnrìn àjò. Ọ̀nà rélùwéè tó ti Èkó lọ sí ìlú Ọya gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó sì kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ. Inísà wà lára àwọn ìlú tí àwọn ọmọ wọn ṣòwò dé ìhà òkè ilẹ̀ Gánà, títí tí ìjọba Busia fi lé àwọn àjèjì jáde ní òpin ọdún 1969. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 nígbà tó di ẹrù rẹ̀ padà wálé ti lé ní 80 báyìí. Àwọn mìíràn lọ dá oko kòkó sí ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, bí ọmọ bá lọ, agbo ilé kò lọ. Ìyá àgbà wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yàrá mẹ́wàá yí ká, ìyàwó ilé mẹ́rin ń dáná níwájú rẹ̀, ọmọ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ìdálẹ̀ ń sùn lórí ẹní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bí ó bá húkọ́ lóru, ẹni kan á dá a lóhùn.

Ohun tó yí padà kì í ṣe pé àwọn ọmọ burú. Ìfẹ́ gan-an ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tó rí jájẹ kò fẹ́ kí ìyá òun máa gbé inú ilé amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ó kọ́ bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́rin fún un. Ilẹ̀ tó rí rà kò sí ní àárín ìlú, ẹ̀bá ọ̀nà ni, tàbí ìgboro tuntun tí ilé kan jìnnà sí èkejì. Ó mọ ògiri yí i ká, ó fi géètì irin sí i. Lọ́jọ́ ìṣílé, wọ́n pa màlúù, àwọn olórin kọrin. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyá kúrò láàárín àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọmọ ọmọ kò sì sí níbẹ̀ mọ́, nítorí ilé ìwé tó dáa wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ nígboro.

Ẹ mú ìyá kan bí àpẹẹrẹ, ọmọ ọdún 78, opó, tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ márùn-ún ló bí, kò sí èyí tó wà nílé. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ó ń lọ sí ọjà ní ọrọọrún, ó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kì í pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ. Orúnkún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò lè rin ibi tó jìnnà mọ́, ó dá ọjà dúró. Kò pẹ́ sí i, ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ń wí pé òtútù ń mú òun, ni kò fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìsìn rẹ̀ ń gbà tó wákàtí mẹ́ta, níbi tí ilé ìyàgbẹ́ wà lẹ́yìn ọgbà. Etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í di. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, apá kan ló ń gbọ́, ó sì ti fèsì òdì lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo ilé fi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dákẹ́ láàárín èrò. Fóònù tí ọmọ rà fún un kò wúlò mọ́, nítorí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, "ó dáa, ó dáa" ló ń wí títí tí owó ìpè á fi tán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣòwò láti kékeré sì wá kú.

Ẹni tó bá dé ilé náà lónìí yóò sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Àmọ́ bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ní àtúnṣe. Etí tó dí lè jẹ́ ìdọ̀tí tó gan sínú rẹ̀ lásán, tí nọ́ọ̀sì ń fi epo rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó tó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ jáde. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìṣáná tàbí ìyẹ́ adìẹ wá kiri o. Awọ funfun tó bo ẹyinjú ṣeé ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ìtọ̀ tí kò dúró lè jẹ́ ti àrùn tó wọ ilé ìtọ̀, tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú ni tọ̀ púpọ̀, tí dókítà lè ní kó máa lò lẹ́yìn tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àga tó wà nítòsí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tí kò jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́, kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ti dá àgbàlagbà padà sáàárín èrò ju ìwàásù mẹ́wàá lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dójú ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí ìyá náà ń bá ṣe. Ìlú wọ̀nyí kò ṣaláìní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wà, àsàlátù wà, ẹgbẹ́ aláájọ wà, ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà, ìpàdé mọ̀lẹ́bí wà. Kò sí ìyá tó ti lé ní 70 lágbègbè yìí tí kò ti san owó ẹgbẹ́ fún nǹkan bí 30 tàbí 40 ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kan wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ pé ẹni tí kò bá wá sí ìpàdé yóò san owó ìtanràn. Wọ́n ṣe òfin náà nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ó ń mú ìyá tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn. Oṣù mẹ́ta kọjá, owó gun orí owó, ìyá náà mọ̀ pé òun jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè, ojú wá ń tì í. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kọjá lẹ́bàá géètì rẹ̀, kò ní pè é mọ́. Ìgbà tí ẹgbẹ́ yóò tún gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá kó owó wá pé ìyá ti kú, kí wọ́n wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn. Ní ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn á wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á kún inú ọgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wọ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ìjọba ti gbìyànjú apá kan. Ní 2012, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun, ìjọba rẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Àgbà Ọ̀ṣun, tí wọ́n fi ń fún àwọn àgbàlagbà tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ní 10,000 náírà lóṣù. Àwọn tó jẹ níbẹ̀ lé díẹ̀ ní 1,600 ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì náà ṣe irú rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2011 pẹ̀lú 5,000 náírà fún àwọn tó ti lé ní 65. Owó dáa, ẹni tí ebi ń pa kò ní gbádùn àlejò. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò ní ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́. Ìyá inú bọ́ńgálò kò sí nínú ìwé wọn rárá, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí owó kọ́ ló ń wá. Òfin tó dá ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ti wà láti 2017, àmọ́ ọ̀nà Àbújá sí Èkó-Èǹdé jìn.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàlagbà kan wà nínú ìdánìkanwà, ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣètò ní 2004, tí wọ́n sì ti ń lò káàkiri ayé. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó máa ń ṣe yín bíi pé ẹ kò ní alábàárò? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó máa ń ṣe yín bíi pé wọ́n ti yọ yín sílẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó máa ń ṣe yín bíi pé ẹ ti jìnnà sí àwọn ènìyàn? Ẹni tó bá ní kò ṣẹlẹ̀ rí, tàbí pé ó ṣọ̀wọ́n, gba máàkì 1, ẹni tó ní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan gba 2, ẹni tó ní nígbà gbogbo gba 3. Bí àpapọ̀ bá ti tó 6, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀.

Ìṣòro kan ni pé ìyá Yorùbá kò ní dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní tààrà. Bí ó bá gbà pé òun kò ní alábàárò, ó ti bú àwọn ọmọ òun níwájú àlejò nìyẹn. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ọlọ́run ń bẹ, àwọn ọmọ mi ń ṣe dáadáa." Ẹni tó bá ń bẹ̀ ẹ́ wò ní láti bá a gba ẹ̀gbẹ́. Ta ni ẹ bá jẹun pọ̀ kẹ́yìn, màmá? Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, ta ni ẹ ti bá sọ̀rọ̀? Bí ẹ kò bá ṣí ìlẹ̀kùn lọ́la, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Ìyá tó bá ronú títí lórí ìbéèrè kẹta yìí kó tó fèsì ti dáhùn. Ojú náà máa ń sọ tirẹ̀: àgbàlagbà tó ń fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí ohùn ènìyàn lè wà nílé, tó ń da oúnjẹ nù nítorí kò fẹ́ dá jẹun, tó di àlejò mú lẹ́nu ọ̀nà tó sì ń sọ ìtàn mìíràn nígbà tí àlejò ti dìde.

Ọ̀ràn kan tún wà tí kò yẹ kí wọ́n fi bò. Obìnrin arúgbó tó ń dá gbé, tó ń dá sọ̀rọ̀ lálẹ́ nítorí kò rí ẹni bá sọ ọ́, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè ní àjẹ́ ládùúgbò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde lẹ́nu ẹnì kan, àwọn ọmọdé tó ń wá pọn omi lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní wá mọ́. Ìdánìkanwà ló fa ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá rí obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ tó ń wọlé tọ̀ ọ́ ní ọ̀sán gangan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní lè sọ irú rẹ̀ mọ́.

Ohun tí agbègbè yìí lè ṣe wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ gan-an: kí ìpàdé máa tọ ẹni tí kò lè rìn lọ. Ẹ wo ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 30, tí mẹ́rin nínú wọn kò lè jáde mọ́. Àwọn 26 ló ṣẹ́kù. Kí wọ́n yan ẹni mẹ́rin, ẹnì kan fún àgbà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ilé wọn súnmọ́ra jù tàbí tí wọ́n ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni yìí kò ní yí padà, nítorí àgbàlagbà kì í tú inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ojú tuntun. Àwọn 22 yòókù á máa yí, ẹni mẹ́rin lóṣù kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa tẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́. Yóò tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí ó tó tún kan ẹnì kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ìbẹ̀wò, ọjọ́ kan náà, àkókò kan náà, fún wákàtí kan. Ọjọ́ tó dúró sójú kan ṣe pàtàkì ju bó ṣe pẹ́ tó lọ, nítorí apá kan ìtura náà ni kí ìyá mọ̀ láti ọjọ́ Ajé pé ọjọ́rú ni wọ́n ń bọ̀, kó wẹ̀, kó wọ aṣọ, kó fi omi sínú fìríìjì. Ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ sì lè wáyé nínú ọgbà ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Bọ́ńgálò tí àyè rẹ̀ ń ṣòfò á wúlò.

Ìbẹ̀wò kì í ṣe kíkí lẹ́nu ọ̀nà. Kì í sì í ṣe pé kí àlejò máa gbàdúrà kí ó sì máa sọ ìròyìn ìlú títí wákàtí fi pé, kí àgbàlagbà máa mi orí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí wọ́n gbé nǹkan kan lọ tí wọn yóò jọ ṣe. Ẹ̀gúsí tí wọ́n fẹ́ bó ni, ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ ṣà ni, orúkọ mọ̀lẹ́bí tí ọmọ kan fẹ́ kọ sínú ìwé ni, àríyànjiyàn lórí ilẹ̀ tí àgbà náà mọ ààlà rẹ̀ ni. Àwọn bàbá kò fẹ́ràn kí ènìyàn jókòó kó máa wò wọ́n lójú, ṣùgbọ́n bí ọpọ́n ayò bá wà láàárín, wọn á sọ ohun tí wọn kò sọ fún pásítọ̀.

Àpẹẹrẹ kan láti orílẹ̀-èdè Sìmbábúè fi hàn pé àgbàlagbà fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń fúnni, kì í ṣe ẹni tó ń gbà nìkan. Ní 2006, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda kó ìyá àgbà 14 jọ ní àdúgbò Mbare ní ìlú Harare. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará àdúgbò lórí bẹ́ńṣì onígi kan tí wọ́n gbé sí ọgbà ilé ìwòsàn. Wọ́n máa ń bá ẹnì kan jókòó fún nǹkan bí ìgbà mẹ́fà, wọ́n á jẹ́ kó to ìṣòro rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kó mú ọ̀kan, kó wá ojútùú sí i, kó padà wá sọ bó ṣe lọ. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 573. Èsì tó jáde ní 2016 sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn tó jókòó tì wọ́n dín kù ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á darí ẹni náà sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun àpò pọ̀ tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí ìlera wọn ń gbé iṣẹ́ náà jẹ́ àgbàlagbà tí ìlú mìíràn ì bá ti fi sẹ́yìn ilé. Kò sí ohun tó ní kí àwọn ìyá àgbà méjì máà lè jókòó bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé Inísà tàbí Òkukù lọ́jọ́ tí àwọn aboyún ń wá, kí kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wọn wá kó sì gbé wọn padà.

Ìbẹ̀wò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kan tó ní í ṣe pẹ̀lú Yunifásítì Ṣíkágò kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2011, wọ́n rí i pé kíkó ènìyàn jọ síbì kan nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ dín ìdánìkanwà kù. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni èyí tó bá èrò ọkàn ẹni náà wí. Ẹni tó ti pẹ́ nínú ìdánìkanwà máa ń gbà pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ òun. Bí wọ́n bá wá kí i, yóò ní àánú ló mú wọn wá, tàbí pé ilé ni wọ́n wá wò. Yóò bínú, yóò fèsì kòbákùngbé, àlejò á sì lọ láìpadà. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá rán ní láti mọ èyí tẹ́lẹ̀, kó má ka ìkọ̀sílẹ̀ ìgbà méjì àkọ́kọ́ sí. Ìyá tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gúsí, tí wọ́n sì béèrè ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó rí i pé àánú kọ́.

Bí ó bá sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí àgbàlagbà kò sùn, tí kò jẹun, tí kò bìkítà fún ohun tó ń gbádùn tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń sọ pé ikú ló kù fún òun, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí àwọn yẹn sì darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ibùdó ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà ní UCH Ìbàdàn láti 2012 náà ń gba irú wọn.

Ètò yìí máa ń bàjẹ́ ní ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Oṣù kìíní, ẹgbẹ́ á wọ aṣọ, wọ́n á gbé ìrẹsì àti kámẹ́rà lọ, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú màmá. Oṣù kejì, ẹni méjì ló lọ. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí iṣẹ́ oko dé, ó tán. Ìyá tí wọ́n ti jẹ́ kó máa retí wọn á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí ẹgbẹ́ fi àgbà méjì bẹ̀rẹ̀ ju kí wọ́n kọ orúkọ mẹ́wàá sílẹ̀. Kí akọ̀wé máa ka orúkọ ẹni tó lọ àti ẹni tí kò lọ ní ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń ka owó àjọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún béèrè àwọn ìbéèrè náà. Bí àgbà bá ti ń ránṣẹ́ pe ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, tàbí tó ń bá a jà pé ó pẹ́ dé, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ ní apá tiwọn. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lè san kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ìyá lọ sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́lé tuntun fún òbí lè tún ilé inú agbo ilé ṣe, kó fi ilé ìyàgbẹ́ àti iná sí i, dípò kó gbé e lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti ti Odò-Ọ̀tìn lè ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ilé dé ilé nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé máa kọ àgbà tó ń dá gbé sínú ìwé kan náà, kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ kò nílò kí ìjọba sọ̀rọ̀. Ìpàdé kan tó fún wọn láti fagi lé owó ìtanràn fún ẹni tó ti lé ní 70, kí wọ́n sì dárí gbèsè èyí tó ti wà nílẹ̀ jì í. Kí akọ̀wé tó fagi lé e, kí ó kọ́kọ́ ṣí ìwé náà, kó wo orúkọ tí owó ìtanràn pọ̀ sí jù lọ. Ilé onítọ̀hún ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.